Kíù kún fọ́fọ́ lẹ́yìn tí wọ́kà dákú: bí a ṣe ń gbọ́n ọn gbẹ láì pa ẹni tó ń gba iṣẹ́

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí lóru torí irú ọ̀rọ̀ yìí, mo rò pé wàhálà ti tán kí n tó jókòó. Wọ́kà wa tó ti dákú látàárọ̀ ti jí, inú gbogbo wa ń dùn, kíù ń wálẹ̀ fìì, àfi bó ṣe di ìṣẹ́jú mẹ́ta tí dátábéèsì àwọn tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa dákẹ́ lọ gbári. Ọ́tòsíkélà ló rí i pé kíù ga, ló bá sọ wọ́kà 4 di 40, gbogbo wọn wá ya bo sáàfíìsì kan tí kò tíì jí tán. Ọjọ́ kan ṣoṣo, nǹkan dákú lẹ́ẹ̀mejì, tẹ̀ẹ̀kejì yẹn sì jẹ́ àfọwọ́fà.

Àpẹẹrẹ kan ni mo máa fi ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kó má bàa dàrú. Ká ní mẹ́sáàjì tuntun ń wọ kíù yín ní 50 ní sẹ́kọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, wọ́kà tó ń kó wọn jáde wá dákú fún wákàtí 6 gbáko, àwọn tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ò sì mọ̀, wọ́n ń fi ránṣẹ́ lọ ràì. Mẹ́sáàjì 1,080,000 ló ń dúró dè yín yẹn. Iṣẹ́ wọ́kà ò ju kó mú mẹ́sáàjì kan, kó pe sáàfíìsì àkáǹtì, kó gba ìdáhùn, kó pa mẹ́sáàjì yẹn rẹ́ nínú kíù. Sáàfíìsì àkáǹtì yẹn ni màá máa pè ní ẹni ìsàlẹ̀.

Ẹ má tíì tan wọ́kà o

Ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ pa ọ́tòsíkélà, kẹ́ ẹ sì fi iye wọ́kà sí 0. Mo mọ̀ pé ọ̀gá á ti máa béèrè pé kí lẹ ń dúró dè nígbà tẹ́ ẹ ti tún un ṣe, ẹ jẹ́ kó béèrè. Ọ́tòsíkélà ò mọ nǹkan kan nípa ẹni ìsàlẹ̀, gíga kíù nìkan ló ń wò, tó bá sì ti rí òkè mílíọ̀nù kan, gbogbo ohun tó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló máa tan.

Kẹ́ ẹ tó wá sọ pé ẹ láyè láti fara balẹ̀, ẹ wo ọjọ́ orí mẹ́sáàjì tó pẹ́ jù nínú kíù àti iye ọjọ́ tí kíù yẹn ń tọ́jú nǹkan. Kafka máa ń tọ́jú fún ọjọ́ 7 tẹ́ ò bá yí i padà, SQS ní tiẹ̀ ọjọ́ 4 ni, ẹ sì lè sún un dé 14. Tí nǹkan bá ti dákú fún wákàtí 6 péré, kò sí ewu níbẹ̀. Àmọ́ mo ti rí ibi tẹ́nì kan ti dín in kù sí wákàtí 12 torí pé díìsìkì fẹ́ kún, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, irú ibẹ̀ yẹn mẹ́sáàjì á máa pòórá bẹ́ ẹ ṣe ń ṣèpàdé lọ. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sún un síwájú ná.

Ẹ ṣírò ohun tí ẹni ìsàlẹ̀ lè gbé

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ náà lọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fò kọjá. Ẹ má béèrè pé mélòó ni wọ́n ní sáàfíìsì àwọn lè gbà, torí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni wọ́n máa sọ fún yín. Ẹ lọ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù wọn, ẹ wá ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ tí ara wọn sì yá. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ tó pọ̀ jù lọ láàárín oṣù náà, wọ́n gba 150 ní sẹ́kọ́ọ̀nù kan, `p99` wọn ò sì ju mílísẹ́kọ́ọ̀nù 200 lọ, ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ìpè, 99 ló parí láàárín àkókò yẹn. Ẹ mú ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀, ó di 120. Àwọn míì wà tó ń pè wọ́n tààrà tí kò gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, ká ní 20, ẹ yọ ìyẹn kúrò, ó ku 100. Mẹ́sáàjì tuntun tó ń wọlé báyìí náà á jẹ 50 nínú ẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù fún òkìtì iṣẹ́ àtijọ́ wá jẹ́ 50.

Bí ẹ ṣe máa mọ ìgbà tó máa tán nìyí:

```
akoko = okiti / (agbara - ohun_to_n_wole)
1080000 / (100 - 50) = 21600 s = wakati 6
```

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìdá yẹn dáadáa. Ká ní 60 ni agbára tó kù dípò 100, 10 péré ló máa ṣẹ́ kù fún òkìtì, wákàtí 6 á di wákàtí 30. Tó bá jẹ́ 50 pérépéré, kò ní tán láéláé, tó bá sì kéré sí 50, òkìtì á máa ga sí i bẹ́ ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún lọ. Torí náà nọ́ńbà yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fáwọn tó ń béèrè pé ìgbà wo ló máa parí, kó tó di pé ẹnì kan lọ ṣèlérí pé ìdajì wákàtí ni.

Ẹ ju èyí tó ti kú nù

Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú kíù ló ṣì wúlò. Kóòdù ìwọlé tó máa ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ta ló fẹ́ gbà á lẹ́yìn wákàtí 5? Ẹni tó béèrè ẹ̀ ti lọ sùn. Ká ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún òkìtì yẹn ló jẹ́ irú kóòdù bẹ́ẹ̀, 432,000 ti lọ nìyẹn láì da ẹni ìsàlẹ̀ láàmú rárá, ó ku 648,000, wákàtí 6 sì di wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 36. Kò sí sáfà tẹ́ ẹ lè rà tó máa fún yín nírú èrè yẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é ni kí wọ́kà wo àkókò tí wọ́n fi mẹ́sáàjì ránṣẹ́ kó tó gba àyè láti pe ẹni ìsàlẹ̀, kó má ṣe jẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, torí tó bá ti gba àyè kó tó wá rí i pé mẹ́sáàjì ti kú, ó ti fi àyè yẹn ṣòfò. Ẹ má sì pa wọ́n rẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ da wọ́n sínú fáìlì kan, kẹ́ ẹ sì rí ẹni tó ni iṣẹ́ yẹn kó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ká jù ú nù. Èmi ò kì í dá irú ìpinnu yẹn ṣe, mo ti rí mẹ́sáàjì tí gbogbo wa rò pé ìfitónilétí lásán ni, àṣé ẹ̀ka ìṣirò owó ń fi ṣe nǹkan lápá kejì.

Ọ̀nà méjì, ti tuntun àti ti àtijọ́

Tẹ́ ẹ bá fi gbogbo ẹ̀ sí ọ̀nà kan, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ bọ́tìnnì nísìnyí á lọ tò sẹ́yìn mẹ́sáàjì ẹgbẹ̀rún lọ́nà 648. Lójú tiẹ̀ nǹkan yín ò tíì bọ̀ sípò, á tún bọ́tìnnì yẹn tẹ̀, á tún un tẹ̀, òkìtì á sì tún máa ga sí i. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ tuntun ní ọ̀nà tiẹ̀ tó ń lọ geerege, kí àtijọ́ máa gba àyè tó bá ṣẹ́ kù.

Tó bá jẹ́ Kafka, gúrúùpù méjì lẹ máa lò lórí tọ́píìkì kan náà. Bí gbogbo wọ́kà ṣe wà ní pípa, ẹ kọ́kọ́ kọ ibi tí gúrúùpù yín dúró sí àti ibi tí ìparí wà sílẹ̀ fún pátísàn kọ̀ọ̀kan:

```
kafka-consumer-groups.sh --bootstrap-server localhost:9092 \
  --group akanti --describe
```

`CURRENT-OFFSET` ni ibi tí wọ́kà kú sí, `LOG-END-OFFSET` ni ìparí, `LAG` ni ohun tó wà láàárín méjèèjì. Gúrúùpù tuntun kan, ká pè é ní `akanti-atijo`, á bẹ̀rẹ̀ láti `CURRENT-OFFSET` yẹn, á sì dúró tó bá ti dé nọ́ńbà ìparí tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Gúrúùpù `akanti` gan-an á fò síbi nọ́ńbà ìparí kan náà:

```
kafka-consumer-groups.sh --bootstrap-server localhost:9092 \
  --group akanti --topic ise:0 \
  --reset-offsets --to-offset 812345 --execute
```

`ise:0` yẹn túmọ̀ sí pátísàn 0 nínú tọ́píìkì `ise`, ẹ ṣe bákan náà fún àwọn tó kù, nọ́ńbà tèmi àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹ má lo `--to-latest` o, bó ti wù kó rọrùn tó. Mẹ́sáàjì ń wọlé lọ́wọ́, nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa tẹ kọ̀máǹdì yẹn, `latest` ti kọjá nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, àwọn tó wọlé láàárín ìgbà yẹn á wá di ọmọ aláìníbàbá, gúrúùpù àtijọ́ ò ní ka ibẹ̀, gúrúùpù tuntun náà ò ní kà á. Irú mẹ́sáàjì bẹ́ẹ̀ kì í fi ẹ́rọ̀ kankan hàn, oníbàárà ló máa ń wá sọ fún yín lọ́sẹ̀ kejì.

Ibì kan wà tí ọ̀nà méjì yìí ò ti dáa. Tí iṣẹ́ lórí àkáǹtì kan bá ní láti tẹ̀ léra, bíi kí wọ́n ṣí i kí wọ́n tó tì í, "tì í" tó dé láàárọ̀ yìí lè kọjá "ṣí i" tó wà nínú òkìtì àtijọ́, á wá jẹ́ pé ẹ ti ohun tí kò tíì sí, lẹ́yìn ẹ̀ lẹ tún wá ṣí i padà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sọ fáwọn èèyàn pé nǹkan á pẹ́, ó sàn ju kí dátà dàrú lọ.

Ẹnubodè méjì lẹ nílò

Ẹnubodè kìíní ń ka iye ìpè tó ń jáde ní sẹ́kọ́ọ̀nù kan. Ẹ rò ó bí agbada kékeré kan tí tíkẹ́ẹ̀tì ń kán sí, 50 ní sẹ́kọ́ọ̀nù kan fún òkìtì àtijọ́, wọ́kà tó bá fẹ́ pe ẹni ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ mú tíkẹ́ẹ̀tì kan, tí ò bá sí, kó dúró. Ẹ jẹ́ kí agbada yẹn kéré gan-an, tíkẹ́ẹ̀tì 5 ti tó, torí tẹ́ ẹ bá lo èyí tó gba 1,000, tíkẹ́ẹ̀tì á kún ún nígbà tẹ́ ẹ bá dá iṣẹ́ dúró díẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì ti ń bẹ̀rẹ̀ padà, 1,000 ìpè á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Agbada yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan fún gbogbo wọ́kà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n kọ ọ́ sínú wọ́kà kọ̀ọ̀kan, 5 ní sẹ́kọ́ọ̀nù kan, wọ́kà 10, ó jẹ́ 50, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan tí ò mọ̀ á wá sún wọ́kà sí 40 lọ́sàn-án, ó di 200 nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó yí límíìtì kankan padà.

Ẹnubodè kejì ń ka iye ìpè tó wà lọ́wọ́ ẹni ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí wọn ò tíì dáhùn. Òfin John Little, tó fi ẹ̀rí ẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1961, ló ń sọ nọ́ńbà yìí fún wa: ẹ mú iye tó ń wọlé ní sẹ́kọ́ọ̀nù kan, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú àkókò tí ọ̀kan ń gbà. 100 lọ́nà 0.2 jẹ́ 20. (Òfin yẹn ìpíndọ́gba àkókò ló ń lò, `p99` ni mo fi síbẹ̀ kí àyè díẹ̀ lè wà.) Nítorí náà ìpè 20 ló yẹ kó wà níta lẹ́ẹ̀kan náà, 10 fún ọ̀nà tuntun, 10 fún ti àtijọ́.

Kí la fẹ́ fi èkejì ṣe nígbà tá a ti ní ti àkọ́kọ́? Ẹ wò ó báyìí: ẹni ìsàlẹ̀ ń ṣàìsàn, ìpè tó ń gbà 0.2 wá ń gba sẹ́kọ́ọ̀nù kan odindi. Ẹnubodè kìíní ò mọ̀, 50 ló ń rán jáde lọ, ìpè ń jọ lé ẹni tó ń ṣàìsàn lórí. Ẹnubodè kejì ní tiẹ̀ ò ní jẹ́ kí ìkọkànlá jáde tí 10 ò bá tíì dáhùn, torí náà 50 á já sí 10 fúnra ẹ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí wo nǹkan kan. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì, èkejì ni màá mú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 5

150 tẹ́ ẹ rí lórí dáṣíbọ́ọ̀dù jẹ́ tọjọ́ tí ara wọn yá. Lẹ́yìn tí nǹkan ti dákú, káàṣì wọn lè ti ṣófo, ìpè tí wọ́n máa ń dáhùn láti inú mẹ́mórì wá ń dé dátábéèsì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà àtijọ́ ní 5, kẹ́ ẹ jẹ́ kí lúùpù kékeré kan máa gbé e sókè ní gbogbo sẹ́kọ́ọ̀nù 30:

```
if p99_ms > 400 or error_rate > 0.01:
    old_rate = old_rate / 2
else:
    old_rate = min(50, old_rate + 2)
```

Ó ń gùn díẹ̀díẹ̀, àmọ́ tó bá rí wàhálà, ìdajì ló ń já sí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ́n yìí kan náà ni TCP fi ń yẹra fún kó má dí ọ̀nà pa. Láti 5 dé 50 máa gba bí ìṣẹ́jú 12, kí ni ìṣẹ́jú 12 nínú iṣẹ́ wákàtí 3? Ẹ kíyè sí i pé `old_rate` nìkan ló ń fọwọ́ kàn, ọ̀nà tuntun ò gbọ́dọ̀ san gbèsè àtijọ́.

Ní ọjọ́ kan báyìí tí mo jókòó ti irú lúùpù yìí, ó gun dé 43, `p99` tó ti wà ní 210 fò lọ sí 460, lúùpù gé e sí 21.5, ó balẹ̀, ó tún ń gùn, ó dé 41.5, ó tún fò. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Bó bá ti ń kọ sẹ̀ níbì kan náà ṣáá, agbára ibẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe èèṣì. Mo pe àwọn tó ni sáàfíìsì, wọ́n wò ó, wọ́n rí iṣẹ́ ìròyìn ojoojúmọ́ kan tó ń ka dátábéèsì kan náà. Wọ́n dá a dúró, ó gun dé 50 láì tún kọsẹ̀ mọ́. Ká ní mo kàn ń wo gíga kíù ni, mi ò bá má rí nǹkan kan, torí gbogbo ìgbà yẹn kíù ń wálẹ̀ náà ni.

Àwọn tó bá kọ̀

Ẹ yọ gbogbo títún gbìyànjú kúrò nínú wọ́kà fún ìgbà tẹ́ ẹ ń gbọ́n kíù. Wọ́kà tó máa ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta sí i tí nǹkan bá kọ̀, ìpè kan lè di mẹ́rin, àsìkò tí ẹni ìsàlẹ̀ ò lágbára gan-an ló sì máa ṣe é. Mẹ́sáàjì tó bá kọ̀ kó padà sínú kíù, kó dúró bíi sẹ́kọ́ọ̀nù 30, tó bá tún kọ̀ kó dúró ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà méjì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àkókò yẹn yàtọ̀ díẹ̀ láàárín mẹ́sáàjì kan sí èkejì kí wọ́n má bàa jí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹni ìsàlẹ̀ bá dáhùn pẹ̀lú `429` tó sì fi `Retry-After` sí i, iye sẹ́kọ́ọ̀nù tó kọ síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró, ẹ má fi ti yín rọ́pò ẹ̀.

Èyí tó bá gba `400` yàtọ̀, kò sí bó ṣe lè pẹ́ tó tó máa yanjú, ẹ kó o sọ́tọ̀ sínú kíù àwọn òkú. Ẹ wá máa wo kíù àwọn òkú yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tẹ́ ẹ ń gbọ́n. Tí ọ̀kan bá ń wálẹ̀ tí èkejì sì ń gòkè ní ìwọ̀n kan náà, ẹ ò gbọ́n nǹkan kan o, ibòmíì lẹ kàn ń kó o lọ.

Ìlọ́po méjì náà á wà nínú òkìtì yẹn dájúdájú. Àwọn kan ti tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹta torí wọn ò rí ìdáhùn, àwọn mẹ́sáàjì kan sì wà tí wọ́kà ti fi ránṣẹ́ kó tó kú láì tíì pa wọ́n rẹ́ nínú kíù. Mẹ́sáàjì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ tiẹ̀ lọ bá ẹni ìsàlẹ̀, kí ẹni ìsàlẹ̀ sì kọ èyí tó bá ti ṣe rí. Nọ́ńbà yẹn ń mú èyí tí wọ́kà fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ kò ní mú ti ẹni tó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹta àyàfi tó bá jẹ́ pé ojú ìwé tó ti tẹ̀ ẹ́ ló ṣe nọ́ńbà náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Tẹ́ ò bá ní irú ẹ̀, tí iṣẹ́ náà sì kan owó, ẹ má gbọ́n kíù yẹn rárá títí ẹ ó fi rí bẹ́ ẹ ṣe máa yọ ìlọ́po méjì kúrò.

Tó bá ti ń tán lọ

Nígbà tí `CURRENT-OFFSET` gúrúùpù `akanti-atijo` bá dé ibi nọ́ńbà ìparí tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ nínú gbogbo pátísàn, ẹ pa gúrúùpù yẹn. Pátísàn kan sábà máa ń pẹ́ ju àwọn tó kù lọ, ẹ má yára nítorí ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó tan ọ́tòsíkélà padà, àmọ́ ẹ fi òkè kan sí i tí wọ́kà ò gbọ́dọ̀ kọjá, kẹ́ ẹ sì fi ẹnubodè kejì sílẹ̀ níbi tó wà. Èmi ti yọ ọ́ rí torí mo rò pé iṣẹ́ ẹ̀ ti parí. Oṣù kan lẹ́yìn náà kíù tún kún, agogo méjì òru ni mo tún wá ń kọ ọ́ padà.